Ibùsùn Jákọ́bù Ni, àbí Ọ̀pá Rẹ̀? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Lọ́yà

Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ lórí ìtàn, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe nìyẹn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa bí àwọn ìlú Rẹ́mọ ṣe kóra jọ sí Ṣágámù ní 1872. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà lọ́rùn mi tó ti ju ogójì ọdún lọ. Ẹ jẹ́ kí n san án ná.

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì kẹrin yóò rántí Lọ́yà. Ẹnu rẹ̀ tó mú ni a fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ní àkókò Ìmọ̀ Bíbélì, a ka ibi tí Jákọ́bù ti mú Jósẹ́fù búra pé kò ní sin òun sí Íjíbítì, nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 47. Ẹsẹ 31 sọ pé lẹ́yìn ìbúra náà, bàbá arúgbó yìí tẹ orí ba níbi ìgbèrí ibùsùn rẹ̀. Lọ́yà ṣí Bíbélì rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó kan Hébérù orí 11, ẹsẹ 21, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn Jákọ́bù kan náà. Níbẹ̀, kò sí ibùsùn. Orí ọ̀pá rẹ̀ ni bàbá fara tì tó fi ń sin Ọlọ́run. Lọ́yà bá nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ibùsùn ni àbí ọ̀pá?"

Olùkọ́ wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, wò ó títí. Ó ní kó lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, pé ẹni tó bá ń wá àléébù sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò ní rí ire. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo jókòó tì í, èmi ni mo sì kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà nínú Bíbélì tèmi tí mo fi hàn án. N kò dìde. N kò sọ pé èmi ni. Gbèsè tí mo ń wí nìyẹn.

Nígbà tí a pàdé kẹ́yìn, lẹ́yìn oúnjẹ, Lọ́yà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi o. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ìwé yẹn ní ohun tó ń fi pamọ́, pé àwọn tó ń kà á fún wa sì mọ̀." Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Lọ́yà ọ̀rẹ́ mi, ìdáhùn rẹ rèé. Kì í ṣe ìwàásù. Ìtàn ìwé ni.

Kí a tó dé ilẹ̀ àwọn Hébérù, ẹ jẹ́ kí a yà sí Sábó níbí ná. Ẹ ò ní gbàgbé ọmọ kíláàsì kejì tí bàbá rẹ̀ ń ta obì. Ọmọ náà ṣẹ̀, ọ́fíìsì sì fẹ́ rí àwọn ará ilé rẹ̀. Akọ̀wé tẹ ìwé pélébé kan fún un pé kó fún bàbá rẹ̀. Taipuráítà kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì ìsàlẹ̀. Ohun tó jáde lórí ìwé ni: "Ki omo yin mu obi wa ni ojo Aje." Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọmọ gbé agbọ̀n gbànja wọ ọ́fíìsì, ó ní bàbá òun kí ọ̀gá púpọ̀. Òbí ni akọ̀wé ní lọ́kàn. Obì ni bàbá kà.

A fi bàbá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi tááàmù kan, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò ṣìwé kà. Lẹ́tà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ló kà, ó, bí, í, kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Ohùn ni kò sí lórí ìwé, òun ló fi ohùn sí i láti inú ayé tirẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló mọ́gbọ́n wá. Wọ́n ń ránṣẹ́ pe òbí, wọ́n sì ń gbé obì lọ kí àgbà.

Bí Hébérù àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Kọ́nsónáǹtì ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ẹni tó ń kàwé ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fáwẹ̀lì sí i láti ẹnu ara rẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 47:31, ọ̀rọ̀ tí a ń jiyàn lé lórí ní lẹ́tà mẹ́ta: mẹ́ẹ̀mù, tẹ́ẹ̀tì àti hée, ìyẹn M, T àti H. H tó wà níparí kì í dún bíi H níbẹ̀. Àmì ni pé fáwẹ̀lì ló parí ọ̀rọ̀ náà, ó sì lè jẹ́ a, ó lè jẹ́ e. Bí o bá kà á ní mitá, ibùsùn ni. Bí o bá kà á ní maté, ọ̀pá ni. Lẹ́tà kan náà, ojú ìwé kan náà.

Àwọn tó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gíríìkì kà á ní maté. Ta ni wọ́n, níbo ni wọ́n sì ti ṣe é? Alẹkisáńdíríà ni, ní Íjíbítì, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Kírísítì. Àwọn Júù tó ti pẹ́ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Hébérù mọ́. Ẹ wo àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù: wọ́n mọ̀ pé Ìkẹ́nnẹ́ ni ilé bàbá àwọn, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Gíríìkì ni wọ́n fi ń ná ọjà, òun ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Wọ́n nílò Òfin Mósè ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Lẹ́tà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Lẹ́tà Árísítíásì sọ pé Ọba Tọ́lẹ́mì Kejì, tó jọba títí di 246 ṣáájú ìbí Kírísítì, ló ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì fi àgbà 72 ránṣẹ́ sí i, mẹ́fà mẹ́fà láti inú ẹ̀yà 12. Ó ní ọjọ́ 72 ni wọ́n fi parí rẹ̀. Àwọn òpìtàn kò gba gbogbo ìtàn náà gbọ́, nítorí ó jọ ìtàn tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ìwé márùn-ún Mósè ni wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀, ní nǹkan bí àkókò yẹn, àti pé àwọn ìwé tó kù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, láti ọwọ́ onírúurú ènìyàn. Láti ara àwọn àgbà wọ̀nyẹn ni orúkọ rẹ̀ ti wá: Sẹ̀pítúájíńtì, ìyẹn Ìwé Àádọ́rin.

Ǹjẹ́ àwọn atúmọ̀ náà kò mọ mitá ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí orí tó tẹ̀ lé e, Jẹ́nẹ́sísì 48:2, níbi tí Jákọ́bù ti gbára lé ara rẹ̀ tó jókòó. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló wà níbẹ̀, ibùsùn ni wọ́n sì kọ ní Gíríìkì. Kí ló dé tí wọ́n fi pè é ní ọ̀pá ní orí 47? Ẹ wo bí ìtàn ṣe lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ orí 48 ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ pé bàbá Jósẹ́fù ń ṣàìsàn. Ní orí 47, arúgbó ni, kò tíì dùbúlẹ̀ àìsàn. Arúgbó tó ń bá ọmọ rẹ̀ dá májẹ̀mú, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun ìyanu. Èmi kò lè búra pé èyí ló wà lọ́kàn atúmọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà kà á kò burú. Àwọn tó kà á ní ibùsùn náà ní ẹ̀rí tiwọn, nítorí ibùsùn ni wọ́n ti rí Jákọ́bù títí ó fi kú.

Àmì fáwẹ̀lì tó parí ìjà náà nínú Bíbélì Hébérù kò tètè dé. Àwọn akọ̀wé Júù tí a ń pè ní Másórẹ́tì, pàápàá àwọn tó wà ní Tìbéríà létí adágún Gálílì, ló fi àwọn tóótòòtó sí abẹ́ àti orí lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, Kírísítì ti lọ ju 500 ọdún lọ. Odindi Bíbélì Hébérù tó pẹ́ jù lọ tó sì pé títí dòní, 1008 ni wọ́n kọ ọ́, ní Káírò. Àwọn Másórẹ́tì kò dá ibùsùn sílẹ̀ láti inú orí ara wọn o. Ohun tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ wọn ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé Hébérù sí àwọn Kristẹni ní ọgọ́rùn-ún ọdún àkọ́kọ́ kò ní àmì kankan láti wò. Ìwé Gíríìkì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ̀wé sí. Gíríìkì ló fi kọ̀wé rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ ló mẹ́nu bà.

Ẹ jẹ́ kí n fi wé tiwa. Ní Rẹ́mọ, èdè ìlú wa yàtọ̀ sí Yorùbá inú Bíbélì, tó sún mọ́ ti Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, bí ìyá wa bá fẹ́ fi ẹsẹ Bíbélì gbà wá níyànjú, kì í túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ. Bó ṣe wà nínú ìwé ló ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe há sórí òun àti àwa. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà sí wa tó sì yí ẹsẹ náà padà, a ó rò pé kò mọ Bíbélì.

Ọ̀pá àti ibùsùn jẹ́ irú ìyàtọ̀ kan: lẹ́tà kan náà, ọ̀nà méjì láti kà á. Irú kejì wà, òun ló sì yà mí lẹ́nu jù. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 7:14, Sítéfánù sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé ènìyàn 75 ni ìdílé Jákọ́bù tó lọ sí Íjíbítì. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 46:27 àti Ẹ́kísódù 1:5 nínú Bíbélì Yorùbá yín: 70 ni. Márùn-ún ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan ń sọ pé Sítéfánù gbàgbé ni, nítorí ẹ̀rù ikú ń bà á.

Kò gbàgbé. Nínú Jẹ́nẹ́sísì ti Gíríìkì, wọ́n ka àwọn ènìyàn náà lórúkọ. Ní ẹsẹ 20 orí 46, níbi tí wọ́n ti dárúkọ Mánásè àti Éfúráímù, ọmọ Jósẹ́fù, Gíríìkì fi orúkọ márùn-ún kún un: ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn méjèèjì, Mákírì àti Gílíádì wà lára wọn. Ìṣirò wá rí báyìí. Nínú Hébérù, ènìyàn 66 ló bá Jákọ́bù lọ. Bí a bá fi Jákọ́bù fúnra rẹ̀, Jósẹ́fù àti ọmọ rẹ̀ méjì kún un, ó di 70. Nínú Gíríìkì, 66 náà ni, ṣùgbọ́n ará ilé Jósẹ́fù ní Íjíbítì di 9, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 75. Ẹni tó kọ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ń kọ Gíríìkì, iye tó wà nínú Bíbélì Gíríìkì ló sì kọ.

A lè sọ pé àwọn atúmọ̀ ní Alẹkisáńdíríà ló fi márùn-ún yẹn sí i fúnra wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ nìyẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1947, àwọn daran-daran rí ìwé àtijọ́ nínú ihò àpáta ní Kúmúránì, lẹ́bàá Òkun Òkú. Wọ́n wá àwọn ihò mìíràn, ní 1952 wọ́n sì kan ihò kẹrin, tó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àfọ́kù ìwé. Lára wọn ni Ẹ́kísódù wà, ní èdè Hébérù, láti ìgbà tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ ṣáájú Bíbélì Káírò yẹn. Nínú ọ̀kan, Ẹ́kísódù 1:5 kà pé 75. Lọ́yà, ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí? Ní Hébérù ni o. Ẹ̀dà Hébérù ju ẹyọ kan lọ nígbà náà: ọ̀kan ní 70, òmíràn ní 75. Ẹni tó túmọ̀ Ẹ́kísódù sí Gíríìkì lè ti rí 75 gan-an nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀, ẹ má tètè sọ pé Gíríìkì ló ṣìnà. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ṣé lẹ́tà kan náà ni wọ́n kà lọ́nà méjì, àbí ìwé Hébérù méjì ló yàtọ̀ síra? Ẹ tún ṣọ́ra, kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni Gíríìkì fà. Hóséà 11:1 nínú Hébérù sọ pé Ọlọ́run pe ọmọ òun láti Íjíbítì. Gíríìkì sọ pé àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mátíù 2:15 mú ẹsẹ náà lò fún Jésù, ti Hébérù ló sì tẹ̀ lé níbẹ̀, nítorí ọmọ kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn mọ ìwé méjèèjì, wọ́n sì ń yan èyí tó bá ọ̀rọ̀ wọn mu.

Lẹ́yìn àwọn àpọ́sítélì, ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló sì ti ṣẹlẹ̀. Bíbélì Látìnì tí ìjọ ń lò ní Àríwá Áfíríkà, láti inú Gíríìkì ni wọ́n ti túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé rẹ̀. Ní nǹkan bí 390, Jẹ̀rómù, tó ń gbé ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ láti inú Hébérù tààrà. Ní Jẹ́nẹ́sísì 47:31, ibùsùn ló kọ, bí àwọn Júù ṣe ń kà á. Ọ̀gọ́sítìnì, bíṣọ́ọ̀bù Hípò ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjéríà lónìí, kọ̀wé sí i ní 403. Ó sọ fún un pé ní ìlú Ọ́éà, tó di Trípólì ti Líbíà, bíṣọ́ọ̀bù kan ka ìwé Jónà tuntun náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàkùn tó bo Jónà lórí, tí wọ́n ti ń pè ní igbá láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, Jẹ̀rómù ti sọ ọ́ di ìtàkùn mìíràn. Ariwo sọ, pàápàá láàrin àwọn tó gbọ́ Gíríìkì. Bíṣọ́ọ̀bù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìjọ rẹ̀ nítorí orúkọ ewéko kan.

Ṣé ẹ rí ìdí tí àwọn Kristẹni ayé ìgbà náà fi di Gíríìkì mú? Òun ni wọ́n gbọ́ láti kékeré, òun ni àwọn àpọ́sítélì lò. Ẹni tó bá yí i padà, àfi bí ẹni yí orin ìyá wọn padà.

Bíbélì Yorùbá wa náà tọ́ sí gbólóhùn kan. Láti 1850 ni apá kan lára rẹ̀ ti ń jáde láti ọwọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Májẹ̀mú Láéláé tó wà nínú rẹ̀ tẹ̀ lé ti Hébérù, Májẹ̀mú Tuntun tẹ̀ lé Gíríìkì. Ó rọrùn fún wọn láti sọ ọ̀pá di ibùsùn ní Hébérù 11, kí ẹnikẹ́ni má bàa bèèrè. Ó rọrùn láti sọ 75 di 70. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wa, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn gbangba sí ọmọ kíláàsì kẹrin.

Nítorí náà Lọ́yà, wọn kò fi nǹkan pamọ́ fún ọ. Ìwé náà gan-an ló fi hàn ọ́. Àwa tó wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí o rí ìdí rẹ̀, èmi sì ni àkọ́kọ́ wọn. Olùkọ́ wa kò mọ̀ ọ́n, wọn kò kọ́ òun náà. Èmi mọ̀ pé èmi ni mo fi hàn ọ́, mo sì panu mọ́ nígbà tí o kúnlẹ̀. Má bínú. Bí a bá tún pàdé ní Ṣágámù, mú Bíbélì rẹ dání, kí a jọ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 47. Èmi yóò mú obì wá. Obì ni mo wí o, kì í ṣe òbí.